Ohùn tó ń dá ìpè lóhùn ní ilé ìwòsàn kékeré: ìbéèrè àti ìdáhùn

Mo ti jókòó sí ìdí fóònù ilé ìwòsàn rí fún ọdún díẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ máa ń sọ fún àwọn tó ń pè. Àwọn ìbéèrè tí àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn tó ni ilé ìwòsàn máa ń bi mí jù ni mo kó jọ síbí. Ilé ìwòsàn kan tí mo bá ṣiṣẹ́ ní Ìlaròó ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ jálẹ̀: dókítà kan, nọ́ọ̀sì mẹ́ta, fóònù kan ṣoṣo. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ń rí àwọn aboyún, Ọjọ́bọ̀ sì ni ti abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ.

Kí ló yẹ kí ohùn náà sọ?

Èyí ni ọ̀rọ̀ tí a gbà sílẹ̀ fún wọn níkẹyìn. Ẹ lè mú un, kí ẹ fi orúkọ tiyín sí i.

> Ẹ káàárọ̀ o.
>
> (Ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 2.)
>
> Ilé ìwòsàn wa ní Ìlaròó lẹ pè. Ohùn tí a ti gbà sílẹ̀ lẹ ń gbọ́ yìí. Nọ́ọ̀sì wà nítòsí.
>
> Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára ẹnìkan, bí kò bá lè mí dáadáa, bí gìrì bá mú ọmọ, tàbí bí aboyún bá ń rọbí, ẹ tẹ oókan báyìí.
>
> Bí ẹ bá fẹ́ mọ ọjọ́ àti àkókò tí dókítà wà, ẹ tẹ eéjì.
>
> Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ oyún tàbí abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ, ẹ tẹ ẹẹ́ta.
>
> Bí ẹ bá fẹ́ bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀, ẹ tẹ òdo, tàbí kí ẹ kàn dúró.

Gbogbo rẹ̀ kò ju ìdajì ìṣẹ́jú lọ díẹ̀ bí ẹni tó ń kà á kò bá kánjú. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé fún mi lé ní ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀. Ó ní ìtàn bí wọ́n ṣe dá ilé ìwòsàn náà sílẹ̀, ó ní àdúrà, ó sì ní orúkọ gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Owó fóònù ẹni tó ń pè ló ń jó lọ ní gbogbo àkókò yẹn, ẹlòmíì sì wà tí ọmọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ara rẹ̀ gbóná bí iná. Àdúrà dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu nọ́ọ̀sì ni kí aláìsàn ti gbọ́ ọ nígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Kí nìdí tí ẹ fi dákẹ́ lẹ́yìn ìkíni? Ṣé àwọn èèyàn ò ní rò pé ìlà ti já ni?

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù, nítorí pé ibẹ̀ ni ìkíni Yorùbá ti yàtọ̀.

Lọ́jọ́ kan, mo jókòó ti ìyá àgbà kan ní ìsọ̀ ata rẹ̀, mo ní kí ó fi fóònù rẹ̀ pe ilé ìwòsàn náà kí n lè wo bó ṣe máa ṣe é. Ẹ̀rọ ní, "Ẹ káàárọ̀ o." Màmá ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ọmọ mi. Ṣé dáadáa la jí? Ilé ńkọ́?" Bó ṣe ń kí ẹ̀rọ lọ, ẹ̀rọ náà ń sọ̀rọ̀ lọ ní tiẹ̀. Nígbà tí màmá máa fi dákẹ́, ohun tó yẹ kó tẹ bí ọ̀rọ̀ bá le ti kọjá. Ìgbà tó gbọ́ "ẹ tẹ eéjì", ó wo ojú mi, ó ní, "Ta ló ní kí n tẹ kí ni?"

Màmá kò ṣàṣìṣe rárá. Bí wọ́n bá kí èèyàn, èèyàn á dáhùn, àgbàlagbà tí kò bá dáhùn ìkíni kò níwà. Ọ̀rọ̀ wa ni kò fi àyè sílẹ̀ fún un. Ìṣẹ́jú àáyá méjì tó fún ìdáhùn kúkúrú. Lẹ́yìn náà, gbólóhùn tó tẹ̀ lé e kò gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò ṣe èèyàn ní jàǹbá bí kò bá gbọ́ ọ. Ìdí nìyí tí orúkọ ilé ìwòsàn fi wà níbẹ̀: bí màmá bá ṣì ń kí wa nígbà tí a ń dárúkọ, kò pàdánù nǹkan kan, ó ṣáà mọ ibi tó pè.

"Ohùn tí a ti gbà sílẹ̀ lẹ ń gbọ́" náà kì í ṣe àsọdànù. Ẹni tó bá mọ̀ pé ẹ̀rọ ni yóò dẹ́kun à ń bi í léèrè, yóò sì tẹ́tí. Mo fi "nọ́ọ̀sì wà nítòsí" kún un kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ pé èèyàn ń bẹ lẹ́yìn ohùn yìí. Bí kò bá sí nọ́ọ̀sì lálẹ́ ní ilé ìwòsàn tiyín, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹ má fi ohùn dídùn purọ́ fún aláìsàn.

Ṣé a ò kúkú lè lo ìkíni kan ṣoṣo fún gbogbo ìgbà?

Ó ṣeé ṣe. "Ẹ ǹlẹ́ o" kò ní àárọ̀, kò ní alẹ́. Bí ẹ̀rọ yín kò bá lè ka aago, òun ni kí ẹ lò. Ohun tí kò dára ni kí ẹni tó pè ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ máa gbọ́ "ẹ káàárọ̀". Lójú ẹsẹ̀ ni yóò gbà pé kò sẹ́ni tó ń bójú tó ibẹ̀.

Bí ẹ bá lè ṣe é, ẹ gba ìkíni mẹ́rin sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ gba ìyókù ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn tó ń lo Asterisk, ètò kọ̀ǹpútà tó ń darí ìpè fóònù, lè kọ ọ́ báyìí:

```
exten => s,1,Answer()
 same => n,Wait(1)
 same => n,ExecIfTime(04:00-11:59,*,*,*,Africa/Lagos?Playback(ekaaro))
 same => n,ExecIfTime(12:00-15:59,*,*,*,Africa/Lagos?Playback(ekaasan))
 same => n,ExecIfTime(16:00-18:59,*,*,*,Africa/Lagos?Playback(ekurole))
 same => n,ExecIfTime(19:00-03:59,*,*,*,Africa/Lagos?Playback(ekaale))
 same => n,Wait(2)
 same => n,Background(akojo)
 same => n,WaitExten(10)
exten => t,1,Goto(0,1)
exten => i,1,Goto(0,1)
```

Ẹ wo `Africa/Lagos` tó wà níbẹ̀ dáadáa. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń yá lò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń lo aago `UTC`, wákàtí kan gbáko sì ni aago Nàìjíríà fi ṣáájú rẹ̀. Bí ẹ kò bá kọ ọ́ síbẹ̀, ẹ ó rí i pé bí aago méjìlá ààbọ̀ ọ̀sán ti lù, ohùn ṣì ń sọ pé "ẹ káàárọ̀". Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ṣe yín, ẹ pe ara yín ní aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ẹ̀yin lẹ máa kọ ìlà tó ń gbé 0, 1, 2 àti 3 lọ síbi tó yẹ kún un, 0 sì ni ti nọ́ọ̀sì. Ìlà méjì tó kẹ́yìn lókè yìí ló ń mú ẹni tí kò tẹ nǹkan kan, àti ẹni tó ṣi nọ́ńbà tẹ̀, lọ sí ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rọ bá aláìsàn wí pé "nọ́ńbà tí ẹ tẹ̀ kò tọ̀nà", kó wá já ìpè.

Kí ló dé tí ọ̀ràn tó le fi ṣáájú, tí ẹ kò sì pè é ní "pàjáwìrì"?

Ó ṣáájú nítorí pé ẹni tí ọ̀ràn wà lọ́rùn rẹ̀ kò lè dúró gbọ́ àkókò tí dókítà wà. N kò sì pè é ní pàjáwìrì nítorí pé kálukú ló ní ohun tó ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹni tí eyín ń ro ní òru gbà pé pàjáwìrì ni, bẹ́ẹ̀ ni mo ti bá ìyàwó ilé pàdé tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ tó ní òun ò fẹ́ dà wọ́n láàmú. Bí ẹ bá dárúkọ ohun tí ojú ń rí, ẹ̀jẹ̀, èémí, gìrì, ìrọbí, èèyàn á mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ òun wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí dókítà yín ló yan àwọn mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ẹ máa dárúkọ.

Ibi tí iṣẹ́ wà ni ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá tẹ oókan. Fóònù tí ẹnìkan ń gbé lọ́wọ́ tọ̀sán-tòru ni kó dún, kì í ṣe fóònù orí tábìlì. Bí kò bá sẹ́ni tó gbé e láàárín ìṣẹ́jú àáyá 20, ohùn kejì gbọ́dọ̀ wà:

> Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró dè wá. Ẹ máa gbé e bọ̀ báyìí, tàbí kí ẹ pe oókan, oókan, eéjì.

112 ni nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì fún gbogbo Nàìjíríà, ọ̀fẹ́ sì ni ìpè rẹ̀. Ní Èkó, 767 wà pẹ̀lú. Ẹ kọ́kọ́ pe 112 láti ìlú tiyín ná kí ẹ tó gbà á sílẹ̀, kí ẹ lè mọ ibi tó ń lọ àti ẹni tó ń gbé e.

Ṣé "oókan" la máa sọ ni, àbí "ení", àbí "wáànù"?

Mo ti gbìyànjú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. "Oókan, eéjì, ẹẹ́ta" ló tẹ́ mi lọ́rùn jù, nítorí pé òun ni wọ́n fi kọ́ púpọ̀ nínú wa ní ìṣirò, ó sì gùn lẹ́nu díẹ̀, etí á tètè gbá a mú. "Ení" kúrú jù fún ìlà tó ń gé. Ní àárín ìgboro tí "wáànù, túù" ti wọ́pọ̀ lẹ́nu tọmọdé tàgbà, ẹ lò ó láìbẹ̀rù. Ohun tí wọ́n ń sọ ládùúgbò yín ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ohun tí mo máa bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ dúró lórí ẹẹ́ta tàbí ẹẹ́rin, pẹ̀lú òdo. "Ẹẹ́ta" àti "ẹẹ́fà" jọra gan-an lórí ìlà tí kò dára, bẹ́ẹ̀ náà ni "eéje" àti "ẹẹ́jọ". Bí ẹ kò bá dé ẹẹ́fà, wàhálà yẹn kò sí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹni tí ara rẹ̀ kò yá kò lè rántí ohun méje.

Ẹ tún jẹ́ kí iṣẹ́ ṣáájú nọ́ńbà: "Bí ẹ bá fẹ́ bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀, ẹ tẹ òdo." Bí ẹ bá ní "ẹ tẹ òdo bí ẹ bá fẹ́…", nọ́ńbà ti lọ kí ẹni náà tó mọ̀ pé tòun ni. Lẹ́yìn nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, ẹ sinmi díẹ̀. Fóònù alágbèéká wà ní etí. Ó gbọ́dọ̀ gbé e kúrò, kí ojú fóònù tàn, kó wá ibi tí nọ́ńbà wà, kó tó tẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi fi ìṣẹ́jú àáyá 10 sí ìparí.

Èwo ló dára jù, kí èèyàn kà á ni àbí kí a fi ẹ̀rọ ṣe ohùn?

Bí ẹ bá lè rí èèyàn, èèyàn ni. Ọ̀rọ̀ yìí kò gùn, ọ̀sán kan ti tó fún un. Ẹ wá obìnrin tàbí ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ já geere, tí ohùn rẹ̀ kò ga jù. Kò pọn dandan kó jẹ́ ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ lórí rédíò. Àwọn wọ̀nyẹn máa ń yára jù.

Ohùn ẹ̀rọ wúlò fún ohun tó ń yí padà lemọ́lemọ́, bí ọjọ́ tí dókítà kò ní sí nílé. Ọ̀kan tó ń sọ Yorùbá, tí ẹnikẹ́ni lè gbé sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ni `facebook/mms-tts-yor`. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìwé àṣẹ rẹ̀: `CC-BY-NC 4.0` ni, èyí tó túmọ̀ sí pé kì í ṣe fún òwò. Ilé ìwòsàn tó ń gba owó kò lè kàn mú un lò bẹ́ẹ̀.

Ṣé dandan ni kí a fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ tí a bá fún ẹ̀rọ kà?

Dandan ni. Ẹ fún ẹ̀rọ ní "ibi ti e ti n gba oogun" láìsí àmì kan. Báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá oògùn lẹ ní lọ́kàn, àbí òógùn tó ń jáde lára? Bákan náà ni ìtọ̀ tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò àti itọ́ ẹnu. Èèyàn á fi ọgbọ́n orí gbé e, ẹ̀rọ kò ní.

Àmì lórí "tẹ̀" ló ń rú ọ̀pọ̀ lójú. Bó bá dá dúró, ohùn ìsàlẹ̀ ló ní: tẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ orúkọ bá tẹ̀ lé e, ohùn yẹn á di ti àárín: ẹ tẹ oókan. Bí ẹ bá kọ "ẹ tẹ́ oókan", ẹ̀rọ á gbé e sókè, ó sì ti di ọ̀rọ̀ mìíràn, bí ìgbà tí wọ́n ń tẹ́ ẹní sílẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ojú kì í rí. Lẹ́tà bíi ẹ́ àti ọ̀ kì í ṣe ẹyọ kan nínú kọ̀ǹpútà. Lẹ́tà tó ní tóótù nísàlẹ̀ ni àti àmì tí wọ́n gbé lé e. Bí ẹnìkan bá lo tóótù, tí ẹlòmíì lo igi kékeré nísàlẹ̀ ẹ, ojú lè má rí ìyàtọ̀, àmọ́ ẹ̀rọ lè fò ó tàbí kó pè é bí "e" lásán. Bí ẹ bá gbọ́ "ẹ̀jẹ̀" tó ń dún bí "èjè", ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹni kan ṣoṣo ni kó tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ náà, lórí kíbọ́ọ̀dù kan náà. Ẹ kọ aago ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lú, "aago mẹ́jọ àárọ̀", kì í ṣe 8:00, kí ẹ sì kọ "Dókítà" jáde tán.

Ibo la ti máa gbà á sílẹ̀ tí kò fi ní máa dún gbàgà-gbàgà?

Ẹ kò nílò ilé ìgbohùnsílẹ̀. Yàrá tí aṣọ pọ̀ sí, tí kápẹ́ẹ̀tì tàbí fóòmù wà nínú rẹ̀, ti tó. Ẹ pa fáànù, ẹ pa ẹ̀rọ amúnátàn, ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń gún nǹkan lẹ́yìn ilé sinmi díẹ̀. Ẹ gbé fóònù sí nǹkan bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu, kì í ṣe iwájú ẹnu gan-an, kí èémí má baà máa fẹ́ lù ú. Kí ẹni tó ń kà á jókòó nàró, kó sì kà á ní ẹ̀ẹ̀mẹta; ẹ̀ẹ̀kejì ló sábà máa ń dára jù.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi sox, ètò kọ̀ǹpútà tó ń yí fáìlì ohùn padà, sọ ọ́ di irú èyí tí ìlà fóònù ń gbé:

```
sox akojo-nla.wav -r 8000 -c 1 -b 16 akojo.wav
```

Ẹ gbọ́ èyí tó jáde yẹn, kì í ṣe ti àkọ́kọ́. Ìlà fóònù lásán kì í gbé ju ìró tó wà láàárín 300 sí 3400 hẹ́tìsì lọ. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ Yorùbá kò bàjẹ́ nítorí ìyẹn, etí ṣì ń mọ̀ wọ́n. "S" àti "ṣ" ni ó ń pa lára, nítorí pé òkè pátápátá ni ìyàtọ̀ wọn wà. Ohun tó jẹ́ kí n kọ "ẹ̀jẹ̀ ń dà" nìyí dípò "ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn". Lórí ìlà tó ń gé, "ṣàn" lè wọ etí bíi "sàn", ẹni tó ń bẹ̀rù ikú á wá máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ìwòsàn.

Ṣé a lè ní kí ẹni tó pè sọ àìsàn tó ń ṣe é?

Ẹ má ṣe é. Bóyá inú ọkọ̀ akérò ló wà, bóyá ọkọ rẹ̀ tàbí ìyàwó ọ̀gá rẹ̀ jókòó tì í. Ẹ má sì fi orúkọ àìsàn sí ẹyọ nọ́ńbà kan, bíi "ẹ̀yin tó ń gba oògùn kòkòrò apa sójà ara, ẹ tẹ ẹẹ́rin". Àwọn fóònù kan ń pariwo dé etí ẹni kejì. Ẹ ní "bí ẹ bá fẹ́ bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀", ó ti tó.

Bí ẹ bá ń gba ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ẹni tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ àwọn tó gba ìṣọ́ra gan-an. Bí ẹ kò bá ní ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe, ẹ má kúkú gbà á sílẹ̀.

Ṣé a lè fi orin sí i?

Kò wù mí. Orin máa ń bo ohùn mọ́lẹ̀ lórí ìlà fóònù. Bí ẹ bá fẹ́ nǹkan tí wọn ó máa gbọ́ nígbà tí wọ́n ń dúró de nọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ kó jẹ́ "Ẹ kú sùúrù, nọ́ọ̀sì ń bọ̀" ní ìṣẹ́jú àáyá 15 síra wọn.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́?

Ẹ wo àkọsílẹ̀ ìpè ọ̀sẹ̀ méjì. Bó bá jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ń já ìpè kí wọ́n tó dé "eéjì", ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yín gùn jù. Bó bá jẹ́ pé gbogbo èèyàn ló ń tẹ òdo, ẹ bi nọ́ọ̀sì ohun tí wọ́n ń béèrè. Ní Ìlaròó, iye owó káàdì ni wọ́n ń béèrè jù, ohun tí kò sí ẹni tó ronú kàn rárá. A fi í kún ohun tí wọ́n ń gbọ́ lórí eéjì, ọwọ́ nọ́ọ̀sì sì dilẹ̀ díẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá àgbàlagbà kan tó ń lo fóònù onítọ́ọ̀ṣì, ẹ jókòó tì í, ẹ má sọ nǹkan kan fún un, ẹ jẹ́ kó pè.

Bí a kò bá ní ṣí lọ́jọ́ ọdún ńkọ́?

Ẹ gba ohùn kékeré kan sílẹ̀ lọ́tọ̀, kó dún lẹ́yìn ìkíni, ṣáájú ìyókù: "A ò ṣí lónìí nítorí ọdún. Bí ọ̀rọ̀ bá le, ẹ tẹ oókan, nọ́ọ̀sì á gbé e." Ẹ kọ orúkọ ẹni tó máa yọ ọ́ kúrò, àti ọjọ́ tó máa yọ ọ́, sórí ìwé kan, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri níbi fóònù. Mo ti pe ilé ìwòsàn kan rí ní oṣù kejì ọdún tó ṣì ń kí mi kú ọdún Kérésì, tó ní àwọn ò ṣí. Ilẹ̀kùn wọn sì ṣí sílẹ̀ gbayawu lọ́jọ́ náà.